Lẹ́tà R Kékeré Tó Ń Da Ìdáhùn Rú

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní SS2. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó. Bí tíṣà ṣe kọ́ wa gan-an ni mo ṣe ṣe é, àmọ́ kò bá ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé mu. Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, nǹkan kan náà ló ń gbé jáde."

Gbólóhùn tó fi parí ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n gbé gíláàsì mi wọ̀. Ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò kò kéré, mo sì mọ̀ pé ọmọ tí nǹkan kò yé kì í ṣi iṣẹ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá ṣì í síbí nígbà àkọ́kọ́, ọ̀hún ni yóò ṣì í sí nígbà kejì. Àṣìṣe tó bá dúró lójú kan, tí kò yẹ̀, tí kò yí, ó ní ohun kan pàtó tó ń bí i, ohun náà sì lè má sí lọ́pọlọ ọmọ rárá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá náà jẹ́ ìbéèrè mẹ́rin lórí tirigonọ́mẹ́tírì. Èkíní ní kí wọ́n wá ọ̀nà ìdábùú pápá kan tó gùn ní mítà 12, tó sì fẹ̀ ní mítà 9. Èkejì ní kí wọ́n wá gíga òpó kan: ẹni tó ń wò ó dúró sí mítà 20 sí ìdí rẹ̀, ó sì gbójú sókè ní igun dígírì 35 kó tó rí ṣóńṣó orí òpó náà. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àkàbà mítà 5 tó fẹ̀yìn ti ògiri, tó sì ṣe igun dígírì 60 pẹ̀lú ilẹ̀. Báwo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe jìnnà sí ògiri tó? Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti òrùlé. Láti orí ògiri dé abẹ́ ṣóńṣó òrùlé jẹ́ mítà 4, ṣóńṣó náà sì fi mítà 3 ga ju orí ògiri lọ. Wọ́n ní kí ọmọ kọ́kọ́ wá igun tí òrùlé fi dagun, kó wá fi igun náà wá bí igi òrùlé ṣe gùn tó.

Ohun tó kọ rèé. Pápá, mítà 15. Òpó, mítà 9.48. Àkàbà, mítà 4.76. Igun òrùlé, dígírì 0.64. Igi òrùlé, mítà 5. Èyí tó wà lẹ́yìn ìwé sì ni 15, 14.0, 2.5, 36.9, àti 5. Èkíní àti èyí tó kẹ́yìn bára mu. Mẹ́ta tó wà láàárín kò bára mu.

Ojú ẹsẹ̀ ni ọmọ náà fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í túlẹ̀ àwọn tó kùnà. Mo ní kó fara balẹ̀, ká kọ́kọ́ béèrè ìdí tí méjì fi yege. Ti pápá kò le. Ó sọ 9 àti 12 di ìlọ́po ara wọn, ó rò wọ́n pọ̀, ó wá gbòǹgbò rẹ̀. Kò tẹ sin, kò tẹ cos, kò tẹ tan. Ìyẹn fi hàn pé ẹ̀rọ náà mọ àròpọ̀, ó mọ ìsọdipúpọ̀, ọmọ náà sì mọ onígun mẹ́ta rẹ̀.

Ti igi òrùlé ló mú mi lọ́kàn jù, nítorí pé òun tẹ sin níbẹ̀. Igun tó kùnà yẹn náà ló sì lò. Báwo ni igun tí kò tọ̀nà ṣe bí igi òrùlé tó tọ̀nà? Mo ní kó fi bó ṣe tẹ̀ ẹ́ hàn mí. Ó pín 3 sí 4, ó jẹ́ 0.75. Ó tẹ SHIFT, ó tẹ tan, 0.6435 jáde. Kò pa nọ́ńbà náà rẹ́. Ó lo bọ́tìnì Ans láti dá a padà sínú ẹ̀rọ, ó fi 3 pín pẹ̀lú sáìnì rẹ̀, 5 jáde gbáko. Igun náà kò jáde kúrò nínú ẹ̀rọ rárá. Ẹ̀rọ ló fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n, òun náà ló sì kà á, òṣùwọ̀n kan náà ló fi ṣe méjèèjì. Bí obìnrin tó ń ta gàárì bá fi agolo kékeré wọn gàárì wọlé, tó tún fi agolo kékeré náà wọ̀n ọ́n jáde, iye agolo rẹ̀ yóò pé. Ìgbà tí oníbàárà tó gbé agolo ńlá dání bá dé ni ọ̀rọ̀ yóò di àríyànjiyàn.

Ibi tí mẹ́ta tó kùnà ti jọra gan-an nìyẹn. Nínú òpó àti àkàbà, igun ti orí ìwé wọ inú ẹ̀rọ. Nínú igun òrùlé, igun jáde láti inú ẹ̀rọ wá sórí ìwé. Níbikíbi tí igun bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ, ìdáhùn ń bàjẹ́. Níbi tí kò bá ti kọjá, nǹkan ń lọ déédéé. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó gba ẹ̀rọ ìṣirò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e súnmọ́ iná, mo rí lẹ́tà R kan lókè ojú ẹ̀rọ, kékeré bí ẹyin iná orí.

R yẹn dúró fún rédíánì. D ló yẹ kó wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ tó ń ṣe, ìyẹn dígírì.

Òṣùwọ̀n méjèèjì, ohun kan náà ni wọ́n ń wọ̀n, ìyẹn bí nǹkan ṣe ṣẹ́ tàbí bó ṣe yí tó. Dígírì pín yíyípo kan sí ọ̀nà 360. Rédíánì kò pín nǹkan kan, okùn ló fi ń wọ̀n. Ẹ dá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dúró. Ẹ gé okùn kan tó gùn láti àárín rẹ̀ dé etí, kí ẹ wá tẹ́ okùn náà sí etí táyà, kó tẹ̀ lé bí táyà ṣe rí. Igun tí okùn náà gbà, bí ẹ bá wò ó láti àárín, òun ni rédíánì 1. Bí ẹ bá fi dígírì wọ̀n ọ́n, ó lé díẹ̀ ní 57, 57.2958 ni kí ẹ kọ bí ẹ bá fẹ́ kó pé. Okùn mẹ́fà kò sì tó láti yí etí táyà ká. Ó máa ku díẹ̀, nítorí okùn 6.2832 ló ń yí i ká, èyí tí í ṣe páì lọ́nà méjì.

Ẹ jẹ́ kí eèrà kan wá máa rìn létí táyà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ní ọ̀gangan àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó ń lọ sókè. Sáìnì kò ju bí eèrà náà ṣe ga ju àárín lọ, tí a bá fi okùn yẹn wọ̀n ọ́n. Bó bá rin dígírì 30, yóò ga ní ààbọ̀ okùn. Ìdí nìyẹn tí sin 30 fi ń jẹ́ 0.5 fún gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Àmọ́ bí R bá wà lójú ẹ̀rọ, 30 tí ẹ tẹ̀ kì í ṣe dígírì mọ́. Ẹ ti ní kí eèrà rin okùn 30. Yóò yí táyà ká lẹ́ẹ̀mẹrin, ìyẹn yóò jẹ okùn 25.13. Yóò ku okùn 4.87, èyí yóò gbé e kọjá òkè, kọjá ọwọ́ òsì, títí dé ìsàlẹ̀, yóò sì fi díẹ̀ kọjá ìsàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni yóò ti dúró, lábẹ́ àárín ní nǹkan bí okùn kan. Ohun tí ẹ̀rọ yóò kọ ni −0.98803. Ẹ̀rọ kò purọ́. Ibi tí ẹ rán an ló lọ.

Ẹ wá wo òpó ọmọ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni 20 tan 35, ọ̀nà tó gbà sì tọ́. Ẹ̀rọ gbà á sí okùn 35. Eèrà yí táyà ká lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó ku okùn 3.58. Ó fi 3.14 rin ìdajì táyà, ó wá fi okùn 0.44 kọjá ibẹ̀. Okùn 0.44 yẹn jẹ́ nǹkan bíi dígírì 25. Tánjẹ́ǹtì sì nìwà tirẹ̀: bí èèyàn bá ti rin ìdajì táyà, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Nítorí náà, gíga òpó fún igun tó tó dígírì 25 ni ẹ̀rọ náà ṣírò, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rí 0.4738, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 20, mítà 9.48 jáde.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nípa àṣìṣe yìí nìyẹn. Mítà 9.48 kò dà bí àṣìṣe. Òpó mítà mẹ́sàn-án pọ̀ káàkiri ìlú. Ká ní ẹ̀rọ kọ egbèjìlá mítà ni, ọmọ náà ì bá ti fura. Àwọn nọ́ńbà tó ń jáde nígbà tí R bá wà lókè máa ń jọ èyí tó tọ̀nà, torí pé sáìnì àti kósáìnì kò lè ju 1 lọ, wọn kò sì lè rẹlẹ̀ ju −1 lọ, ibi yòówù kí eèrà dúró sí.

Ti àkàbà tún burú sí i. Ó tẹ 5 cos 60, −4.76 ló jáde. Mo béèrè ibi tí àmì òdì yẹn wà, torí mi ò rí i nínú ìwé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí, ẹsẹ̀ àkàbà ò lè jìnnà sí ògiri ní òdì. Mo yọ ọ́ kúrò." Bẹ́ẹ̀, àmì yẹn nìkan ni ohun tó ké gbàjarè nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Igun tó wà nínú onígun mẹ́ta tó ní igun dígírì 90 kò tó 90, eèrà tó rin ìrìn bẹ́ẹ̀ kò ní kúrò ní apá ọ̀tún òkè táyà, sáìnì rẹ̀, kósáìnì rẹ̀ àti tánjẹ́ǹtì rẹ̀ kò lè jẹ́ òdì láé. Bí òdì bá yọjú nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ọwọ́ kúrò lórí bíró, kí ojú lọ sókè ẹ̀rọ. Mo máa ń bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fọwọ́ ara wọn pa á rẹ́.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ọmọ náà gbà á gbọ́ torí pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹni tó bá rí R lókè ẹ̀rọ, tó sì sọ pé R ló fà á, ó lè ṣe é kó jẹ́ pé àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe náà kí a sì wò ó bóyá nọ́ńbà kan náà ni yóò bí. Ọ̀tọ̀ ni nọ́ńbà tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan máa ń bí. Ká ní sin ló tẹ̀ dípò tan, 20 sin 35 ní dígírì á fún un ní 11.47. Ká ní cos ni, 16.38. Ká ní ó fi tan pín 20 dípò kó sọ ọ́ di ìlọ́po, 28.56. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ 9.48. Ó tẹ 20 tan 35 pẹ̀lú R lókè, 9.476 jáde. A yí i sí D, ó tẹ nǹkan kan náà, 14.004 jáde. Nígbà yẹn ni ọwọ́ wá tẹ olè.

Ti igun òrùlé ní ẹ̀rí tirẹ̀ tó tún rọrùn ju ìyẹn lọ. Nígbà tí igun bá ń jáde láti inú ẹ̀rọ, àṣìṣe náà jẹ́ ìlọ́po kan ṣoṣo tí kì í yí padà. Ẹ sọ èyí tó jáde di ìlọ́po 57.2958: 0.6435 yóò di 36.87, òun gan-an ni ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé. Bí ọmọ bá wá igun mẹ́wàá, tí gbogbo wọn kò ju 1 àti àbọ̀ lọ, tí gbogbo wọn sì tọ̀nà nígbà tí ó sọ wọ́n di ìlọ́po nọ́ńbà yẹn, kò sí ohun tó kù láti wá. Àmọ́ ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́ fún òpó àti àkàbà. Níbẹ̀, igun ló wọlé sínú ẹ̀rọ, ibi tí eèrà yóò dúró sí lẹ́yìn tó ti yí káàkiri kò sì ní ìlọ́po kan tó so ó mọ́ ibi tó yẹ kó wà. Títún un tẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ọmọ náà wá béèrè ohun tó dára láti béèrè: nínú ìdánwò, kò sí ìdáhùn lẹ́yìn ìwé, báwo lòun á ṣe mọ̀? Mo ní kó ya àwòrán òpó náà. Bí igun bá jẹ́ dígírì 45, gíga àti jíjìnnà dọ́gba, òpó á jẹ́ mítà 20. Bó bá jẹ́ dígírì 30, tánjẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ 0.577 tí wọ́n ti kọ́ wọn sórí, òpó á jẹ́ mítà 11.5 àti díẹ̀. Igun tiwa jẹ́ 35, ó wà láàárín 30 àti 45. Òpó wa gbọ́dọ̀ ga ju 11.5 lọ, kò sì gbọdọ̀ tó 20. Mítà 9.48 kò rí àyè wọlé síbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò lọ tán lórí ìyẹn, kò sì nílò ẹ̀rọ kankan.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ti àkàbà. Ó fi rúlà ya ìlà sẹ̀ǹtímítà 5, ó ní bí ẹsẹ̀ àkàbà bá fi 4.76 jìnnà sí ògiri, orí rẹ̀ yóò ga ní nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ péré lára ògiri. Ó wo àwòrán náà. Àkàbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ tán. "Àǹtí, èyí kì í ṣe 60." Ti òrùlé náà ńkọ́? Òrùlé tó bá fi dígírì 0.64 dagun, lórí mítà 4, kò ní fi ju sẹ̀ǹtímítà 4 àbọ̀ lọ ga sókè. Káfíńtà tó bá kan irú òrùlé bẹ́ẹ̀, inú pálọ̀ ni òjò yóò sùn. Ìbéèrè sì ti sọ pé mítà 3 ni.

Ọ̀nà àyẹ̀wò kan wà tí mo ní láti kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀, torí pé inú ìwé wọn ló wà, ó sì ti fẹ́ lò ó. Wọ́n kọ́ wọn pé ìlọ́po sáìnì lọ́nà méjì, tí a bá rò ó mọ́ ìlọ́po kósáìnì lọ́nà méjì, 1 ni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni fún dígírì, òtítọ́ ni fún rédíánì, nítorí pé ibi yòówù kí eèrà dúró sí létí táyà, okùn kan ló wà láàárín òun àti àárín. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà tí R ṣì wà lókè, 1 jáde, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò lè mú olè yìí, torí pé kò bi ẹ̀rọ léèrè irú òṣùwọ̀n tó ń lò.

Èyí tó ń mú un ni sin 30. Kí ọmọ tẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá rí 0.5, D ló wà níbẹ̀. Bó bá rí −0.988, R ni. Bó bá rí 0.454, kó fura gidigidi, torí pé G ni, ìyẹn grádì, òṣùwọ̀n kẹta tó pín yíyípo sí ọ̀nà 400 dípò 360. Ilẹ̀ Faransé ló ti wá, láti ìgbà tí wọ́n ń dá òṣùwọ̀n mítà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1790. Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa tó nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú ẹ̀rọ, ọwọ́ sì lè ṣèèṣì kàn án. Òun ló ń ṣèèyàn léṣe jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé kò jìnnà sí òótọ́. Òpó wa yóò di mítà 12.26 lábẹ́ G, ó sì wà láàárín 11.5 àti 20 tí a fi àwòrán wá! Igun òrùlé yóò di 40.97. Àwòrán lásán kò lè yọ ìyẹn sílẹ̀. Sin 30 ló ń yọ ọ́, tàbí ìwé fọ́ọ̀-fígọ̀, tó jẹ́ pé dígírì ni wọ́n fi tẹ gbogbo rẹ̀: tánjẹ́ǹtì 35 nínú rẹ̀ jẹ́ 0.7002, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń yí i padà yàtọ̀ láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ. Lórí Casio fx-82MS, tí ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀, ẹ tẹ MODE lẹ́ẹ̀mejì, yóò kọ Deg, Rad àti Gra, ẹ wá tẹ 1. Lórí fx-991MS, lẹ́ẹ̀mẹrin ni ẹ ó tẹ MODE kí ẹ tó débẹ̀. Lórí fx-991ES, ẹ tẹ SHIFT, ẹ tẹ MODE, ẹ wá tẹ 3. Pípa ẹ̀rọ kò yí nǹkan kan padà o. Bí ẹ bá pa á ní R, R ni yóò jí sí lọ́la.

Fóònù ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Lórí àìfóònù, bí ẹ bá dá a ní ìbú, ẹ ó rí bọ́tìnì kan tí wọ́n kọ Rad sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìyẹn ń sọ pé rédíánì ló wà níbẹ̀. Òdì kejì ni. Bọ́tìnì náà ń sọ ibi tí yóò gbé yín lọ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ibi tí ẹ wà. Ẹni tó bá sì ń fi Excel ṣiṣẹ́, bóyá sọ́féyọ̀ tàbí ẹni tó ń ṣírò igi òrùlé fún ilé rẹpẹtẹ, kó mọ̀ pé kò sí D níbẹ̀ rárá. Rédíánì nìkan ni Excel gbọ́. Èkíní nínú méjì yìí yóò fún un ní −0.988, èkejì yóò fún un ní 0.5:

```
=SIN(30)
=SIN(RADIANS(30))
```

"Kí ló dé tí wọ́n tiẹ̀ fi R síbẹ̀?" Ohùn ọmọ náà ti ń le díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé 360 jẹ́ nọ́ńbà tí àwọn èèyàn àtijọ́ yàn nítorí pé ó rọrùn láti pín. Kò sí ohun kan lára róbótó fúnra rẹ̀ tó ní kó jẹ́ 360. Ṣùgbọ́n okùn tó wọn àárín dé etí, ara róbótó náà ló ti wá. Nítorí náà, bí igun bá kéré, tí a sì fi rédíánì wọ̀n ọ́n, sáìnì rẹ̀ àti igun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan: sáìnì 0.1 jẹ́ 0.0998. Ìrọ̀rùn yẹn ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìṣirò máa lò ó nígbà tí wọ́n bá ń wo bí nǹkan ṣe ń yí padà. Roger Cotes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé òṣùwọ̀n yìí ní 1714, ṣùgbọ́n kò fún un lórúkọ. Orúkọ náà fara hàn nínú ìbéèrè ìdánwò kan tí James Thomson ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Belfast ní 1873. Inú ìdánwò ni rédíánì ti gba orúkọ, inú ìdánwò náà ló sì ti ń yọ àwọn ọmọ wa lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó yí ẹ̀rọ náà sí R ló kù. Ọmọ náà ronú títí, ó ní òun yá ọ̀rẹ́ òun kan ní ọjọ́rú, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe Fọ́ọ̀dà Máàtì. Ó ti yé mi. Nínú Fọ́ọ̀dà Máàtì, igun sábà máa ń wá pẹ̀lú páì, bíi π÷3 àti π÷6, rédíánì sì ni gbogbo ìyẹn. Ọmọ yẹn ṣe ohun tó yẹ ẹ́. Ó gbé e sí R, ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó dá ẹ̀rọ padà fún ẹni tó ni ín.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún wá yá ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé láti ilé ẹ̀kọ́, kò tíì bọ́ bàtà tó ti ń ròyìn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ń ṣe iṣẹ́, ó ń ráhùn pé gbogbo sáìnì òun ti di nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín, gbogbo kósáìnì òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1: sáìnì π÷6 jẹ́ 0.00914, kósáìnì π÷3 jẹ́ 0.99983, bẹ́ẹ̀ méjèèjì ló yẹ kó jẹ́ 0.5. Ó ti pa iṣẹ́ náà rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní kó má pa á rẹ́ mọ́. Mo ní eèrà rẹ̀ kò tíì rìn rárá, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà, torí pé páì pín sí mẹ́fà ní dígírì kò tó dígírì kan. Mo gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ MODE lẹ́ẹ̀mejì, mo tẹ 2."